Sáìtì mi pa $310 lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fẹ́ rà á ní $3,000. Ṣé owó rẹ̀ nìyẹn?

AbẹrẹWúrà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní sáìtì kan tó dá lórí títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ́, àpilẹ̀kọ 64 ló sì wà lórí rẹ̀. Kọmíṣọ̀n ló ń mówó wọlé: bí òǹkàwé bá tẹ lìńkì mi tó sì ra ẹ̀rọ tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, wọ́n á fún mi ní tèmi níbẹ̀. $310 ló wọlé lóṣù Kejìlá. Ẹnì kan kọ ímeèlì sí mi pé òun á san $3,000. Mo kà á níbì kan pé èrè oṣù kan lọ́nà 36 ni wọ́n fi ń ta sáìtì, ìyẹn sì máa jẹ́ $11,160. Ṣé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tó tọ́, níbo ni mo sì ti lè rí ẹlòmíràn tó máa rà á?

Kúnlé_Ọjà

Ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni o! Ìlọ́po 36 ni gbogbo ayé ń lò, èmi náà ti rí i lórí àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta sáìtì. Ẹ má gbà kó dín ní $11,000. Ẹni tó ń kọ ímeèlì síni láìjẹ́ pé a pè é, ó ti mọ̀ pé ọjà náà níye lórí, ó kàn ń wá ẹni tí kò mọ iye ọjà ọwọ́ rẹ̀ ni.

Olórúkọ40

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ dómènì yìí, èmi lè sọ̀rọ̀ torí mo ní 40 nílẹ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ fi orúkọ náà sínú ẹ̀rọ ìdíyelé aládàáṣe, ó máa sọ iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú tèmi, ó ní $2,100 ni. Mo ti gbé e síta fún ọdún méjì, ẹni tó bèèrè kò tíì ju ẹyọ kan lọ, $60 lòun náà sì fẹ́ san. Mò ń dúró de ẹni tó mọyì rẹ̀. Orúkọ yín ńkọ́, ṣé ó kúrú? Ṣé .com ni?

Alájàpá_Àtijọ́

Olórúkọ, sáìtì tó ń pa owó ni àǹtí ń bèèrè, orúkọ lásán kọ́. Màá padà sórí tiyín tó bá yá.

Kúnlé, ìlọ́po 36 kì í ṣe irọ́, àwọn sáìtì ńlá tó ti pẹ́ tí owó wọn dúró sójú kan sì ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ lọ́ po? Oṣù tó dáa jù lọ kọ́, owó tó wọlé lápapọ̀ náà kọ́. Èrè ni, ìyẹn lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó, ti odindi ọdún kan tí a pín sí méjìlá. Ẹni tó bá fi oṣù Kejìlá nìkan díye lé ọjà kòtíì díye lé nǹkan kan.

AbẹrẹWúrà, ẹ bá mi kọ iye tó wọlé lóṣooṣù láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kejìlá. Ẹ fi oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún tó ṣáájú kún un, mo ní ìdí tí mo fi ń bèèrè rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń náwó lé. Ẹ sọ fún wa bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń kọ gbogbo àpilẹ̀kọ, kí ẹ sì sọ èyí tó ń kó èrò wá jù nínú wọn.

AbẹrẹWúrà

Ẹ ṣé, sà. Láti oṣù Kìíní: 95, 110, 102, 120, 118, 130, 125, 140, 150, 190, 260, 310. Lọ́dún tó ṣáájú: oṣù Kẹwàá 80, Kọkànlá 130, Kejìlá 150. Dọ́là ni gbogbo rẹ̀.

Ìnáwó: ibi tí sáìtì ń gbé ń gba $96 lọ́dún, orúkọ dómènì $14. Mo ní òǹkọ̀wé kan tó ń kọ àpilẹ̀kọ kan fún mi lóṣù, $20 ni mò ń san fún un. Èmi náà ń kọ ọ̀kan lóṣù. Àpilẹ̀kọ tó ń kó èrò wá jù ni èyí tí mo kọ lórí ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń ṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń rán aṣọ tó nípọn. Bí èèyàn 100 bá wọ sáìtì, bíi 55 nínú wọn ló ń gba ibẹ̀ wọlé.

Alájàpá_Àtijọ́

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é papọ̀.

Gbogbo owó tó wọlé lọ́dún jẹ́ $1,850. Ìnáwó yín: 96, 14, àti 240 ti òǹkọ̀wé, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $350. Èrè ọdún kù sí $1,500, ìyẹn $125 lóṣù. Nọ́ńbà tí a fẹ́ lọ́ po nìyẹn, kì í ṣe 310.

Fún sáìtì kékeré tí owó rẹ̀ ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, tí èrò rẹ̀ sì ń ti ọ̀dọ̀ Google nìkan wá, ìlọ́po tí mò ń rí lọ́jà báyìí kì í sábà kúrò láàárín 24 sí 30. Ó ti ga jù bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí Google yí ìlànà rẹ̀ padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọ̀pọ̀ sáìtì kéékèèké tó ń kọ àpilẹ̀kọ ló pàdánù èrò wọn, àwọn arajà kò sì tíì gbàgbé. 125 lọ́nà 24 jẹ́ $3,000 géérégé. Lọ́nà 30, ó jẹ́ $3,750. Nítorí náà ẹni tó kọ̀wé sí yín ti ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni, ohun tí èmi náà máa ṣe nìyẹn tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ rà á.

Ẹ wá wo ìdí tí mo fi bèèrè ọdún tó ṣáájú. Owó yín gòkè láti oṣù Kẹwàá dé Kejìlá lọ́dún yẹn náà, ó dé 150, lẹ́yìn náà ló já sí 95 ní oṣù Kìíní. Àsìkò tí àwọn èèyàn ń ra ẹ̀bùn ìparí ọdún ni. Bó ṣe máa já lọ́dún yìí náà nìyẹn, arajà tó lójú sì mọ̀. Bí ẹ bá gbé 310 síwájú rẹ̀ bíi pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí, ó máa bèèrè ohun tí mo bèèrè yìí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo ọ̀rọ̀ yín tó kù pẹ̀lú ìfura.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà lè gbè yín tí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀. Oṣù mẹ́ta ọdún tó ṣáájú jẹ́ $360. Oṣù mẹ́ta kan náà lọ́dún yìí jẹ́ $760. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, àsìkò kan náà sì la fi wé àsìkò kan náà. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé àsìkò ẹ̀bùn ló fà á, torí àsìkò ẹ̀bùn ló wà nígbà méjèèjì. Ohun tí ẹ máa fi bèèrè 28 tàbí 30 dípò 24 nìyẹn.

Arajà_Fínnífínní

Gbogbo ohun tí Àgbà sọ ló tọ́, àmọ́ ohun kan kù. Èmi máa ń ra sáìtì, mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ tà. Àpilẹ̀kọ tí àǹtí ń kọ fúnra wọn lóṣooṣù, ta ló máa kọ ọ́ tí wọ́n bá ti tà á? Èmi ni màá sanwó fún un. Bí òǹkọ̀wé wọn bá ń gba $20, mo máa yọ $240 míì lọ́dún. Èrè á wá jẹ́ $1,260, ìyẹn $105 lóṣù. Lọ́nà 24, $2,520 ni mo máa kọ́kọ́ pè é.

Títí_Lórí_Afẹ́fẹ́

Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀yin Arajà níbẹ̀. Ẹni tó máa rà á lè jẹ́ ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra rẹ̀, tó máa kọ ọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ó sì lè má kọ rárá fún oṣù mẹ́fà, àpilẹ̀kọ 64 tó wà nílẹ̀ á ṣì máa pa owó. Nígbà tí mo ta sáìtì ọ̀gbìn mi, arajà gbìyànjú ohun kan náà, mo ní rárá, ó sì san án bẹ́ẹ̀.

Arajà_Fínnífínní

Ó san án torí ó fẹ́ràn sáìtì náà. Èmi ò ní san án. Iṣẹ́ ṣáà ni iṣẹ́, ì báà jẹ́ ọwọ́ mi ló ṣe é.

Alájàpá_Àtijọ́

Ẹ̀yin méjèèjì ò lè parí ìyẹn láéláé, torí arajà kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ná an. Ohun tó ṣe pàtàkì fún àǹtí ni pé kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n máa bèèrè rẹ̀, kí wọ́n má bàa gbàgbé wákàtí tiwọn. Àárín $2,500 sí $3,750 lọjà yìí wà. Ẹni tó bá ní $11,000 ni, ẹ jẹ́ kó wá rà á.

Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù jù ni àpilẹ̀kọ abẹ́rẹ́ yẹn. Ilé tí òpó kan ṣoṣo gbé dúró ni. Bí Google bá fi ojú ìwé yẹn sí ìsàlẹ̀ lọ́la, ju ìdajì èrò yín lọ ló máa lọ. Ẹ lọ wò ó bóyá òun náà ló ń pa owó jù. Ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ ń wá ojútùú ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀rọ tuntun.

AbẹrẹWúrà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Òótọ́ lẹ sọ! Ó ń kó èrò wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi $20 nínú $100 péré ló ń pa. Àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí mo ti ń fi ẹ̀rọ wé ẹ̀rọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń pa $60 nínú $100. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Alájàpá_Àtijọ́

Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ fi síwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á. Ó yí ọ̀rọ̀ padà. Èrò lórí òpó kan, owó lórí mẹ́ta mìíràn: ewu rẹ̀ kò tó bí mo ṣe rò.

Arajà_Fínnífínní

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa wò kí n tó na ọwọ́ sápò, torí mo ti jìyà rẹ̀ rí. Mo ra sáìtì kan ní $1,900. Àwòrán tí wọ́n fi hàn mí dára gan-an, èrò ń wọlé bí omi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó rẹ̀ ti já sí ìdajì. Nígbà tí mo tú u wò, mo rí i pé ẹni tó tà á fún mi yá lìńkì láti orí àwọn sáìtì mìíràn kí Google lè gbé e sókè ni, ó ń sanwó oṣooṣù fún un, ó sì dá owó náà dúró lọ́jọ́ tó gba owó mi. Púpọ̀ nínú èrò tó ń wọlé kì í sì í ṣe èèyàn.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí ni pé mi ò gba àwòrán ojú kọ̀ǹpútà mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n fi mí sínú Search Console wọn, ibi tí Google ti ń fi èrò tó ń rán sí sáìtì han onísáìtì, kí n fojú ara mi wò ó. Ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oṣù 16, ìyẹn sì tó láti fi àsìkò kan wé ti ọdún tó ṣáájú. Mo máa fi iye èèyàn tí Google sọ pé òun rán wá wé iye àbẹ̀wò tí Google Analytics kà. Bí Google bá rán 900 wá lóṣù, tí sáìtì sì ń sọ pé àbẹ̀wò 6,000 ló wọlé, tí púpọ̀ wọn kò ní orísun, tí wọn kì í sì í dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, mo ti mọ̀ pé èrò rírà ni. Owó kọmíṣọ̀n ńkọ́? Mo máa ń ní ká pe ara wa lórí fídíò, kí onísáìtì ṣí àkáǹtì rẹ̀ lójú mi, kó tún ojú ìwé náà gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwòrán rọrùn láti yí, ojú ìwé tó ń ṣí lọ́wọ́ kò rọrùn.

AbẹrẹWúrà

Ó ti dáhùn ímeèlì mi. Mo ní $3,600, ó ní òun gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní páàsíwọ̀ọ̀dù alábòójútó kí òun fi yẹ sáìtì wò, lẹ́yìn náà òun máa fowó sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń di owó mú láàárín olùtà àti olùrà. Ó ti fi lìńkì ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ṣé kí n bá a lọ?

Alájàpá_Àtijọ́

Ẹ dúró! Ẹ má tẹ lìńkì yẹn, ẹ má sì fún un ní páàsíwọ̀ọ̀dù.

Ẹni tó fẹ́ rajà tó sì gba $600 lé owó tó dá láìwo ìwé kankan, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n forúkọ sáìtì ilé-iṣẹ́ tó ń di owó mú yẹn sílẹ̀. Ẹ tẹ àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí sínú tẹ́míná kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò example.com:

```
whois example.com
```

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Creation Date` sí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀ kí ẹ sì sọ ọ́ fún wa.

Ní ti yíyẹ̀ ẹ́ wò, arajà kò nílò páàsíwọ̀ọ̀dù yín. Nínú Search Console, ẹ lọ sí `Settings`, lẹ́yìn náà `Users and permissions`, ẹ fi ímeèlì rẹ̀ kún un, kí ẹ sì yan `Restricted`. Nínú Google Analytics, ẹ fún un ní `Viewer`. Á rí gbogbo nọ́ńbà, kò ní lè yí nǹkan kan padà, ẹ sì lè yọ ọ́ kúrò nígbàkigbà.

AbẹrẹWúrà

Ọjọ́ 19 sẹ́yìn ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kúnlé_Ọjà

Ọjọ́ 19! Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ máa di owó àwọn èèyàn mú?

Alájàpá_Àtijọ́

Ẹ kọ̀wé sí i pé ẹ ò lo ibòmíràn ju Escrow.com lọ, pé ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kó sì dá ìdajì owó wọn. Ẹ fọwọ́ yín tẹ àdírẹ́sì náà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má gba lìńkì lọ́wọ́ rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ orúkọ Escrow.com gan-an ló kọ, torí àwọn kan máa ń fi lẹ́tà kan kún un tàbí kí wọ́n yọ ọ̀kan.

AbẹrẹWúrà

Ọjọ́ mẹ́rin rèé, kò dáhùn mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Mo ti ń ka owó náà mọ́ tèmi. Níbo ni mo ti máa rí arajà gidi báyìí?

Títí_Lórí_Afẹ́fẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ gbé e sórí Flippa, ibẹ̀ lèmi ti ta tèmi. Àwọn alágbàtà ńlá bíi Empire Flippers kì í gba sáìtì tó kéré tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè, ọ̀pọ̀ ló máa bèèrè tí wọn ò ní rà.

Alájàpá_Àtijọ́

Flippa dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń rí owó tó dáa jù fún sáìtì kékeré. Ẹ kọ àwọn ìbéèrè tí èèyàn ń tẹ̀ sórí Google kó tó dé ọ̀dọ̀ yín sílẹ̀, Search Console máa fi wọ́n hàn yín. Ẹ tẹ mẹ́wàá nínú wọn fúnra yín, kí ẹ wo àwọn tó ń jáde lójú ewé kìíní àti ìkejì. Ẹ máa rí sáìtì bíi tiyín níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń wá ni àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́, òwú, bẹ́líìtì àti mọ́tò.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ kì í ṣe kọmíṣọ̀n yín ló máa rà. Nígbà tí òǹkàwé ra ẹ̀rọ $200, ẹ̀yin gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìtajà tirẹ̀ ni lìńkì náà lọ, gbogbo èrè ọjà ló máa wọ àpò rẹ̀. Ojú ìwé abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́, tó jẹ́ àbùkù lójú arajà bíi Fínnífínní, oúnjẹ ni lójú ẹni yìí. Ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ ní láti ra abẹ́rẹ́.

Ẹ kọ̀wé ṣókí sí wọn, ó yẹ kó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó sọ iye. Nǹkan bí èyí: «Èmi ni mo ni sáìtì tó ń jáde nípò kẹta nígbà tí èèyàn bá wá ìdí tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fi ń ṣẹ́. Mo fẹ́ tà á lóṣù yìí, mo sì rò pé àwọn tó ń kà á jẹ́ irú àwọn tó ń ra ọjà yín. Bí ẹ bá fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ọdún kan, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.» Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ sí bíi èèyàn 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Olórúkọ40

Ẹ ti gbàgbé mi o, Àgbà. Ṣé ẹni tó mọyì orúkọ mi kò ní wá ni?

Alájàpá_Àtijọ́

Mi ò gbàgbé. Ẹ̀rọ ìdíyelé aládàáṣe kì í ra nǹkan. Ó ń wo bí orúkọ ṣe gùn tó àti ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, kò mọ bóyá ẹnì kankan wà tó ń wá a. Ẹ lọ sí NameBio, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ iye tí wọ́n ti ta àwọn orúkọ dómènì gan-an sí. Ẹ wá orúkọ tó jọ tiyín ní ti gígùn, ọ̀rọ̀ àti ìparí. Lóòótọ́, wọ́n ta voice.com ní mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ́dún 2019, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń lò ni. Ẹ má fi díye lé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ so pọ̀. Orúkọ 40 ní bíi $14 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ $560 lọ́dún. Ẹni mélòó ló lè lò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún iṣẹ́ rẹ̀? Èyí tí ẹ ò bá lè dárúkọ arajà márùn-ún fún, ẹ jẹ́ kó lọ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.

Ṣé orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan wà nínú wọn?

Olórúkọ40

Mẹ́ta. Orúkọ ilé-iṣẹ́ bàtà kan àti ti fóònù méjì. Àwọn yẹn ni mo ń gbójú lé jù.

Alájàpá_Àtijọ́

Ẹ má kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ náà pé ẹ fẹ́ tà á fún wọn. Lábẹ́ UDRP, ìlànà tí ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ dómènì, fi ń yanjú ìjà lórí orúkọ, wọ́n lè gba orúkọ náà tí wọ́n bá fi hàn pé ó jọ àmì òwò wọn, pé ẹ ò ní ẹ̀tọ́ sí i, àti pé ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ẹ sì ń lò ó pẹ̀lú ìwà àìtọ́. Ímeèlì tí ẹ fi ń tà á fún wọn gan-an ni wọ́n máa fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta yẹn lọ.

Olórúkọ40

Mo gbọ́. Ó nira láti gbà, àmọ́ mo gbọ́. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni márùn-ún yẹn ṣì ń dà mí láàmú ṣá. Àwọn orúkọ kan wà tí iṣẹ́ wọn ò tíì dé ayé.

AbẹrẹWúrà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mo kọ̀wé sí 18. Mẹ́rìnlá ò dáhùn. Méjì ní àwọn ò fẹ́. Ẹnì kan tó ní sáìtì bíi tèmi ní $2,600. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ní òun máa san $3,500 nípasẹ̀ Escrow.com. Ó bèèrè Search Console, mo fún un ní `Restricted`. Ó bèèrè nípa ojú ìwé abẹ́rẹ́ yẹn léraléra, bí Àgbà ṣe sọ.

Ó fẹ́ kí n ṣèlérí pé mi ò ní dá sáìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn sílẹ̀ fún ọdún méjì. Ìṣòro mìíràn wà: mo gbé orúkọ dómènì mi kúrò ní ilé ìforúkọsílẹ̀ kan lọ sí òmíràn lóṣù tó kọjá, wọ́n sì ní mi ò tíì lè gbé e jáde.

Arajà_Fínnífínní

Ìlérí ọdún méjì wọ́pọ̀, èmi náà máa ń bèèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe nìkan ni. Bí wọ́n bá kọ «ohunkóhun tó jẹ mọ́ aṣọ», ẹ ti di ara yín lọ́wọ́.

Alájàpá_Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ dómènì yẹn, ọjọ́ 60 ni wọ́n máa ń tì í pa lẹ́yìn tí èèyàn bá gbé e láti ilé ìforúkọsílẹ̀ kan sí òmíràn. Bí ẹ bá tún fi `whois` wò ó, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí `clientTransferProhibited` níbẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Kí arajà náà ṣí àkáǹtì sí ilé ìforúkọsílẹ̀ kan náà tí ẹ ń lò, kí ẹ sì sún un láti àkáǹtì yín sí tirẹ̀. Ó sábà máa ń ṣeé ṣe láìdúró de ọjọ́ 60, ṣùgbọ́n ẹ bi ilé ìforúkọsílẹ̀ náà kí ẹ tó ṣèlérí ọjọ́ kan fún un, torí àwọn kan máa ń tì í pa tí orúkọ ẹni tó ni ín bá yí padà.

Nígbà tí Escrow.com bá sọ fún yín pé owó ti wọlé, ẹ wọ inú àkáǹtì yín fúnra yín kí ẹ rí i níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fún un ní fáìlì sáìtì àti àkójọ dátà rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbé e kalẹ̀ níbi tirẹ̀ kó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá sún dómènì sí àkáǹtì rẹ̀. Ẹ má yọ sáìtì kúrò ní ibi tó wà títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi kọjá, kí òǹkàwé má bàa dé ibẹ̀ kó bá ilẹ̀kùn títì.

AbẹrẹWúrà

Kọmíṣọ̀n mi ńkọ́? Ẹni tó ń san án máa ń dúró oṣù méjì kó tó san.

Alájàpá_Àtijọ́

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjà tí wọ́n rà títí di ọjọ́ tí dómènì kọjá, tiyín ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn náà ni owó rẹ̀ máa wọlé. Àkáǹtì kọmíṣọ̀n kì í bá sáìtì lọ, tiyín ló ṣì jẹ́. Arajà ló máa yí lìńkì padà sí ilé ìtajà rẹ̀, àpilẹ̀kọ 64 sì ni. Tó bá gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yí gbogbo rẹ̀, ta ló ni owó tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn? Ẹ bi í báyìí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

AbẹrẹWúrà

Mo bi í. Ó ní kí n mú un, pé àwọn ojú ìwé abẹ́rẹ́ ló fẹ́ kọ́kọ́ yí padà. Mo ti kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ilé ìforúkọsílẹ̀ ṣì ń dúró láti dá mi lóhùn lórí sísún dómènì sí àkáǹtì rẹ̀.